Bí Àwòrán Pẹlẹbẹ Ṣe Ń Ní Ìjìnlẹ̀ Nínú Fíìmù Kàtúùnù

Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ tó ń sáré yóò rí i pé gbogbo ohun tó wà níta kọ́ ló ń sá lọ bákan náà. Òpó iná ẹ̀bá títì á ti kọjá kí ojú tó rí i dáadáa. Ọ̀pẹ inú oko á rọra kọjá. Òkè tó wà lọ́hùn-ún á fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, òṣùpá á sì dà bí ẹni pé ó ń bá ọkọ̀ rìn ni. Ìyàtọ̀ yìí wà lára ohun tí ojú wa fi ń mọ èyí tó sún mọ́ wa àti èyí tó jìnnà sí wa. Òun náà ni àwọn tó ń ṣe fíìmù kàtúùnù mú lò, tí àwòrán tí wọ́n yà sórí ohun pẹlẹbẹ fi ń ní iwájú, àárín àti ẹ̀yìn. Páráláàsì ni wọ́n ń pè é.

Bí a bá tú irú ìran bẹ́ẹ̀ palẹ̀, a kò ní bá àwòrán kan ṣoṣo níbẹ̀. Ayàwòrán ti pín in sí ìpele. Sánmà àti òṣùpá wà lórí ìpele kan, òkè wà lórí òmíràn, ọ̀nà tí ẹni inú ìtàn ń rìn wà lórí ẹ̀kẹta, ewé tó yọrí sí ẹ̀gbẹ́ ojú àwòrán ní iwájú pátápátá sì wà lórí ẹ̀kẹrin. Yàtọ̀ sí sánmà tó wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ibi tí a kò bá kùn lára ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, kí a lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí a bá tò wọ́n tẹ̀ léra, tí a sì ń wò wọ́n láìsí ohun tó mira, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ pé wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Ìgbà tí kámẹ́rà bá gbéra ni ìpele iwájú yóò sáré, tí ti àárín yóò rìn, tí ti ẹ̀yìn yóò sì máa fà díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà ni ojú gbà pé àyè wà láàárín wọn.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, gíláàsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì tó ń fi páálí tí ó gé ṣe fíìmù òjìji, ti ń to gíláàsì sábẹ́ kámẹ́rà ní ìpele-ìpele nígbà tó ń ṣe fíìmù gígùn rẹ̀ nípa Ọmọọba Achmed, èyí tó jáde ní ọdún 1926. Ní Amẹ́ríkà, Ub Iwerks kan ẹ̀rọ tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1933, ó sì lo ohun èlò tó tú lára ọkọ̀ Chevrolet àtijọ́ kan. Èyí tó lókìkí jù lọ ni ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Walt Disney tí William Garity darí kíkàn rẹ̀. Fíìmù kékeré kan tí wọ́n pè ní The Old Mill ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò ní ọdún 1937. Fíìmù náà gba àmì ẹ̀yẹ Oscar, ẹ̀rọ náà sì tún ṣiṣẹ́ nínú Snow White tó jáde ní ìparí ọdún yẹn kan náà.

Ẹ̀rọ yìí ga ju ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Kámẹ́rà wà lókè pátápátá, ó dorí kodò, ó ń wo ìsàlẹ̀. Àwọn gíláàsì tí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró kùn wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n lè tó méje, àlàfo sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní iná tirẹ̀, ó sì lè lọ sókè, sódò àti sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ náà á wo ìwé tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n sí, oníkálukú á sún ìpele tirẹ̀ níwọ̀n tó yẹ, wọ́n á ya fọ́tò kan ṣoṣo, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún un. Fọ́tò 24 ló ń bọ́ sínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Eruku tó bá bà lé gíláàsì á hàn, ìmọ́lẹ̀ tó bá tàn padà láti ara rẹ̀ á hàn, ẹni tó bá sì ṣi ìwọ̀n kan sún lè ba gbogbo ìran jẹ́. Ìnáwó rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ìran tó ṣe pàtàkì nìkan ni wọ́n máa ń yà lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1957, Walt Disney fúnra rẹ̀ jáde lórí amóhùnmáwòrán, ó ṣàlàyé ohun tó fa kíkàn ẹ̀rọ náà. Àpẹẹrẹ tó lò ni ti ilé oko kan lálẹ́, tí òṣùpá wà lójú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, orí àwòrán kan ṣoṣo ni ilé àti òṣùpá máa ń wà. Bí kámẹ́rà bá ti ń sún mọ́ àwòrán náà, ilé á máa tóbi sí i, ó sì yẹ kó tóbi. Ṣùgbọ́n òṣùpá náà á máa tóbi sí i ní ìwọ̀n kan náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó rìn lọ sí ilé kan lálẹ́ tí òṣùpá ń tóbi sí i lójú rẹ̀. Nígbà tí òṣùpá bọ́ sórí ìpele tirẹ̀, wọ́n lè máa ṣètò àlàfo tó wà láàárín òun àti kámẹ́rà, tí títóbi rẹ̀ kò fi ní yí padà bí ilé ti ń sún mọ́ wa. Lójú tèmi, òṣùpá yìí ni olùkọ́ tó dára jù lọ nínú ọ̀rọ̀ páráláàsì. Ó fi hàn pé kì í ṣe iye ìpele ló ń mú ìjìnlẹ̀ wá, bí kò ṣe kí ìpele kọ̀ọ̀kan rìn bí jíjìnnà rẹ̀ ti tó.

Kọ̀ǹpútà kò yí òfin yìí padà, ìṣirò ló gbà lọ́wọ́ ènìyàn. The Rescuers Down Under, tí Disney gbé jáde ní ọdún 1990, ni fíìmù kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n kó gbogbo àwòrán rẹ̀ jọ nínú kọ̀ǹpútà, ìpele àti kámẹ́rà sì ti di ohun inú ẹ̀rọ láti ìgbà náà. Ní ọdún 2001, ètò After Effects ní ẹ̀dà rẹ̀ karùn-ún fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà láti to àwòrán pẹlẹbẹ sí iwájú àti ẹ̀yìn, kó sì máa gbé kámẹ́rà kọjá níwájú wọn. Kámẹ́rà yìí kò ní gíláàsì, kò ní irin, kò sì sí eruku tó lè bà á. Nọ́ńbà lásán ni. Ó ní ibi tó dúró sí, ó sì ní bí ojú rẹ̀ ti fẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìran kan ṣe àlàyé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ru garawa omi, ó ń lọ lójú ọ̀nà ní àṣálẹ́. Ojú àwòrán fẹ̀ ní píksẹ́lì 1920. A gbé kámẹ́rà síbi tí ọmọbìnrin náà àti ojú ọ̀nà fi jìnnà sí i ní 1000, a sì fi Zoom kámẹ́rà náà sí 1000 bákan náà, kí ohun tó bá wà níbẹ̀ lè hàn gẹ́lẹ́ bí a ṣe yà á. Ewé iwájú jìnnà sí kámẹ́rà ní 500. Òkè jìnnà ní 5000. Òṣùpá àti sánmà jìnnà ní 20000. Bí a bá ti ìpele òkè sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, yóò kéré lójú, nítorí náà a ní láti fẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Z ni ibi tí ìpele wà, 0 ni ti ọmọbìnrin náà, ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ jù ú lọ, ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ sì ní àmì ìyọkúrò:

```
Scale = 100 * (Z + 1000) / 1000
```

Òkè tó wà ní Z 4000 yóò gba Scale 500, ewé tó wà ní Z -500 yóò gba 50. Lẹ́yìn èyí, ìran náà padà sí bí ayàwòrán ṣe yà á, ojú kò sì lè rí i pé a ti tú u ká.

Nígbà náà ni a ó wá gbé kámẹ́rà lọ sí ọ̀tún ní ìwọ̀n 600. Ojú ọ̀nà yóò kọjá ní píksẹ́lì 600. Ewé iwájú, tí jíjìnnà rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti ojú ọ̀nà, yóò kọjá ní 1200. Òkè, tí jíjìnnà rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti ojú ọ̀nà, yóò sún ní 120 péré. Sánmà yóò sún ní 30, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ohun tí ojú ń rí. Ayàwòrán kò yan iye kankan nínú wọn fúnra rẹ̀. Ó sọ ibi tí nǹkan wà, ìrìn wọn sì tẹ̀ lé e. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà gíláàsì ń kọ sínú ìwé, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ sún, nìyẹn.

Bí a bá gbé kámẹ́rà lọ síwájú dípò ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Ká ní ó wọ inú ìran náà lọ ní 250. Jíjìnnà ọmọbìnrin náà yóò di 750, yóò sì tóbi sí i ní ìdá mẹ́ta ara rẹ̀. Ewé iwájú kò ní jìnnà ju 250 lọ mọ́, nítorí náà yóò di ìlọ́po méjì bó ṣe wà, yóò sì ya sí ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ inú igbó. Òkè yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú ogún péré kún títóbi rẹ̀. Òṣùpá ní tirẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbári bó ṣe wà. Ìṣòro tó wà nínú àpẹẹrẹ Disney yanjú láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òṣùpá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà, nítorí pé Zoom àti ìrìn kámẹ́rà jọra lójú. Bí a bá yí nọ́ńbà Zoom padà, tí kámẹ́rà kò sì kúrò níbi tó wà, gbogbo ìpele ló ń tóbi ní ìwọ̀n kan náà, ewé, ọmọbìnrin àti òṣùpá. Kò sí páráláàsì níbẹ̀ rárá. Bákan náà ni bí kámẹ́rà bá kàn yí ojú padà láti òsì sí ọ̀tún lórí ìdúró rẹ̀: ohun iwájú kò ní ya kúrò lára ohun ẹ̀yìn. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣípò kí ìjìnlẹ̀ tó hàn. Ẹni tó bá ti to ìpele rẹ̀ dáadáa, tí ìran rẹ̀ sì ṣì dà bí fọ́tò tí a fẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ wo bóyá Position kámẹ́rà ló yí padà tàbí Zoom.

Ẹ̀rọ lè ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n kò lè ya ohun tí ayàwòrán kò yà. Èyí ni apá tó gba sùúrù jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Nínú àwòrán lásán, ayàwòrán kì í kùn ibi tí igi bò lára òkè, nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò rí i. Nínú àwòrán onípele, igi náà yóò kúrò níbẹ̀ bí kámẹ́rà ti ń lọ, ihò ni yóò sì ṣẹ́ kù bí a kò bá kùn ún. Òkè gbọ́dọ̀ pé lẹ́yìn igi, sánmà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí orí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Fífẹ̀ ìpele náà kò gbọdọ̀ dọ́gba. Nínú ìran ọmọbìnrin wa, ìpele òkè nílò 1920 pẹ̀lú 120, ìyẹn 2040. Ti ojú ọ̀nà nílò 2520. Ti ewé iwájú nílò 3120. Ẹni tó bá ya gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan yóò rí etí ewé tó gé ṣánpá láàárín ojú àwòrán kí kámẹ́rà tó dúró. Bí kámẹ́rà bá sì máa wọlé lọ, ewé tí yóò di ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a yà ní ìlọ́po méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣú bàìbàì.

Àwọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tó jìnnà máa ń ṣá lójú nítorí afẹ́fẹ́ àti eruku tó wà láàárín, pàápàá nígbà ọyẹ́. Òkè tí dúdú rẹ̀ bá kí tó ti igi iwájú yóò máa rìn bí ohun tó jìnnà, yóò sì máa hàn bí ohun tó sún mọ́ni. Ojú kì í gba ẹ̀rí méjì tó tako ara wọn.

Ilẹ̀ ló tún nira. Igi ṣeé gé sọ́tọ̀, òkè ṣeé gé sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó sì lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè láìjá. Bí a bá ya gbogbo rẹ̀ sórí ìpele kan tó dúró ṣánṣán, ibi tó sún mọ́ wa àti ibi tó jìnnà yóò máa rìn ní ìwọ̀n kan, òkè yóò sì dà bí ohun tó ń yọ̀ lórí ilẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yanjú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni láti gé ilẹ̀ náà sí ọ̀já gbọọrọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí koríko tàbí òkìtì kékeré bo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Èkejì ni láti tẹ́ ìpele ilẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní, kí ó wà ní ìbúlẹ̀ lábẹ́ àwọn tó dúró; kọ̀ǹpútà lè ṣe èyí, ẹ̀rọ gíláàsì kò lè ṣe é. Èmi fara mọ́ èyí àkọ́kọ́ fún ìran tí kámẹ́rà ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí pé kì í yí àwòrán po, ọwọ́ ayàwòrán sì ṣì ń hàn lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà, nítorí níbẹ̀ ni iṣẹ́ àìpé ti máa ń kọ́kọ́ tú síta. Ká ní ìrìn kámẹ́rà gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ìyẹn fírémù 96. Ojú ọ̀nà yóò máa sún ní píksẹ́lì mẹ́fà àti díẹ̀ ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kàtúùnù ń dín ìnáwó kù nípa dídá àwòrán ènìyàn kan dúró fún fírémù méjì kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìran yìí, tí ọmọbìnrin náà dúró sí àárín ojú àwòrán, ẹsẹ̀ tó yẹ kó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò yọ̀ síwájú ní píksẹ́lì mẹ́fà ní fírémù kejì, yóò sì fò padà sípò rẹ̀ ní ìkẹta. Olùwòran lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n yóò rí i pé ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, pé ọmọ náà kò tẹlẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a ya àwòrán tuntun fún fírémù kọ̀ọ̀kan níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà bá ń rìn, tàbí kí a so ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ mọ́ ìpele ojú ọ̀nà kí ara máa bá a lọ.

Ewé iwájú náà ní àrùn tirẹ̀. Ó ń fo píksẹ́lì 12 àti ààbọ̀ ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Bí kámẹ́rà bá sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kò ní rí ìrìn mọ́, ewé púpọ̀ tó ń tàn tó ń kú ni yóò máa rí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń mú kí ìpele iwájú ṣókùnkùn, kí etí rẹ̀ rọ̀, kí ó má sì ní ọnà wẹ́wẹ́ lára.

Àǹfààní páráláàsì ni pé ó ń fún ìran tí ènìyàn díẹ̀ yà ní àyè tí olùwòran lè wọ̀. Ìpele òkè kan ṣoṣo tí a yà lẹ́ẹ̀kan lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo fírémù 96, nígbà tí ọmọbìnrin náà ń gba àwòrán tuntun lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìpele jẹ́ páálí, kò ní ẹ̀gbẹ́. Ilé tí a yà láti iwájú kò lè fi ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn bí kámẹ́rà bá kọjá rẹ̀ jìnnà, ńṣe ni yóò dúró bí ògiri lásán, olùwòran yóò sì rí i pé páálí ni. Ìran tó bá nílò kí kámẹ́rà yí ilé po kì í ṣe ti páráláàsì mọ́, kí a yà á ní ọ̀nà mìíràn. Ìran tí kámẹ́rà ń lọ ní ìwọ̀nba, tí ìpele rẹ̀ kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, tí jíjìnnà wọn sì yàtọ̀ síra gan-an, dára ju èyí tó ní ìpele méjìlá tí gbogbo wọn sún mọ́ ara wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà. Ẹ fi páálí aláwọ̀ eérú rọ́pò ìpele kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fún un ní jíjìnnà rẹ̀, kí ẹ gbé kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì wo etí páálí kọ̀ọ̀kan àti ìrìn ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Yíyí jíjìnnà páálí padà kò gbà ju nọ́ńbà kan lọ. Yíyí ti òkè tí ẹ ti kùn tán padà lè gba pé kí ẹ tún un kùn láti ìbẹ̀rẹ̀.